Ọpẹ́ Tí Kò Dé Ọjọ́ Kejì

Ìwàlọlá ò fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ṣeré rárá. Bí aládùúgbò bá bu ọbẹ̀ fún wọn lónìí, ilẹ̀ ọ̀la ò ní tíì mọ́ tán tó fi máa ti Kẹ́misọ́lá ọmọ rẹ̀ síta: "Lọ kí wọn. Sọ pé ẹ ṣé lánàá." Ọmọ á ní, "Mọ́mì, mo ti dúpẹ́ lánàá kẹ̀!" Ìyá á ní, "Ti àná, ẹnu lásán ni. Ti òní gan-an ni ọpẹ́. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Ó yá, gbéra." Kotto ni wọ́n ń gbé, nílùú Douala, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí Kẹ́misọ́lá sí. Faransé ló fi kàwé, Yorùbá rẹ̀ a sì máa kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ "ẹ ṣé lánàá" yẹn, bí wọ́n bá jí i lójú oorun, á sọ ọ́ láìṣìṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló padà da ilé aránṣọ Madame Rita rú.

Kẹ́misọ́lá pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, iṣẹ́ tó sì ń ṣe, àwọn àgbà kan ò kà á sí iṣẹ́. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́tò lórí Insta fún Madame Rita, obìnrin tó ní ilé aránṣọ ńlá kan ní àdúgbò Deïdo, nítòsí afárá. Bí àwọn ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bi í pé kí ló ń ṣe gan-an, tó bá ní "mò ń kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò," wọ́n á ní, "Ìyẹn náà ni wọ́n ń sanwó fún?" Hẹn, ìyẹn náà ni. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ tó máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni stórì, fọ́tò tí yóò wà nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún péré tí yóò sì lọ. Orí fọ́tò gan-an ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ gùn, torí ẹni tó ń wò ó ti gbé àtàǹpàkò sókè tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń sọ pé "ní báyìí," tó ti ń sọ pé "ẹ sáré wá wò ó." Ìkejì ni péèjì, níbi tí fọ́tò ń jókòó sí tí kò ní dìde mọ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò gbọdọ̀ ní "lónìí" nínú, torí ẹnì kan lè ṣí i lẹ́yìn ọdún méjì kó máa bi ara rẹ̀ pé òní wo. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, àti oṣù wo. Ìlà àkọ́kọ́ ló sì wúwo jù, nítorí fóònù máa ń ká gbogbo ìyókù mọ́ abẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan, "plus," ìyẹn pé ó ṣì kù, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò bá sí ní ìlà àkọ́kọ́, bí ẹni pé kò sí ni.

"Stórì ni ká pariwo láàárín ọ̀nà," Kẹ́misọ́lá máa ń sọ fún Stéphane, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya fọ́tò. "Péèjì ni ká gbẹ́ ẹ sára ògiri."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, ìfihàn aṣọ wà ní gbọ̀ngàn kan ní Kotto. Kábà ni Madame Rita fi parí tirẹ̀, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin Douala fi ń ṣògo. Ṣùgbọ́n kábà yìí ju kábà lọ. Láti ọrùn dé àyà, láti èjìká dé ọwọ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló kún un, òwú wúrà lórí aṣọ aláró, gbogbo rẹ̀ pátá iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀rọ ò kàn án. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Bàbá Bàdámọ́sí fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ará Ìsẹ́yìn ni bàbá náà, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà ní Douala. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń tà lọ́jà, kó tó padà sídìí abẹ́rẹ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí ọmọbìnrin tó wọ kábà náà yọ, gbọ̀ngàn hó yèè. Inú Madame Rita dùn débi tó fi sáré lọ fa Bàbá Bàdámọ́sí jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá ò tiẹ̀ ráyè bọ́ irin kékeré tó fi ń ti abẹ́rẹ́ kúrò níka. Irin náà ń dán yinrin nínú iná. Stéphane ya á.

Láàárín ariwo àtẹ́wọ́ yẹn náà ni Kẹ́misọ́lá ti gba fọ́tò ọ̀hún sórí fóònù iṣẹ́, tó kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ọwọ́ rèé o! Papa Bàdámọ́sí!" Ó lẹ orúkọ Kotto mọ́ ọn, ó fi í sí stórì ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Bàbá, orúkọ yín ti wà lórí fóònù," ló sọ fún un. "Gbogbo ayé ń wò yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí i lójú. "Kẹ́mi, o ṣeun. Ìwọ àti Madame. Lọ́la, tí mo bá kírun Jímọ̀ tán, màá wá dúpẹ́. Màá mú Mùhúdíìnì dání."

Mùhúdíìnì ni àbúrò rẹ̀, tó dé láti Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé ó wá kí i lásán o. Ó wá mú un lọ sílé ni. Láti ọjọ́ tó ti dé, orin kan náà ló ń kọ: "Bọ̀ọ̀dá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ta ló mọ̀ yín níbí? Iṣẹ́ yín ń jáde, orúkọ àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, níbi tí wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́." Bàbá Bàdámọ́sí ò rí èsì kankan fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ yìí ló rí èsì.

Kẹ́misọ́lá ì bá sọ pé, "Bàbá, ẹ wá kó tó di aago mẹ́ta o, torí á parẹ́." Kò sọ ọ́. Ta ní ń sọ fún àgbàlagbà pé kó sáré wá dúpẹ́? Ó sì ti dá a lójú pé péèjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà ló kọ ọ̀rọ̀ péèjì, orúkọ Bàbá Bàdámọ́sí ní ìlà àkọ́kọ́, ó fi ránṣẹ́ sí Madame Rita, ó sùn.

Àárọ̀ Jímọ̀, Madame Rita pè é sí yàrá rẹ̀. Fọ́tò ọ̀hún wà níwájú rẹ̀, àmọ́ ó ti gé e. Ọmọbìnrin inú kábà wà níbẹ̀, Madame wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Bàdámọ́sí ò sí. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù létí fọ́tò, torí bí wọ́n bá gé ìyẹn, wọ́n á gé ti Madame mọ́ ọn.

"Ohun tí wàá kọ nìyí," ni Madame wí. "'Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọwọ́ kan. Rita.' Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Madame, ọwọ́ Bàbá ni."

"Mo mọ̀. Àbí mi ò dárúkọ rẹ̀ ni? Stórì lánàá ńkọ́? Orúkọ òṣìṣẹ́ fún stórì, orúkọ ilé fún péèjì. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi stórì yẹn sínú òbírípo kékeré tó wà lókè péèjì, níbi tí kò ti ní lọ."

"Non." Madame Rita jókòó, ojú rẹ̀ ò le mọ́. "Kémi, ìwọ ò mọ Amos. Òun ló ń gé aṣọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí péèjì, mo yìn ín bí ẹní ń yin ọmọ. Kò pé oṣù méjì, ẹnì kan rí i níbẹ̀, ó sì gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn tó ń bá mi díje, péèjì ni wọ́n ń tú. Kò sẹ́ni tó ń tú stórì tó ti kú. Lọ fi í síta."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kẹ́misọ́lá ló fi í síta. Ó dùn ún wọ egungun, ó dúró, ó wo ìka ara rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Aago méjìlá ọ̀sán. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́, pé ṣebí Bàbá ti rí orúkọ rẹ̀ lánàá. Irọ́ ni. Bàbá ò tíì rí i. Kò ní fóònù tó lè ṣí Insta, ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀ ló sì ní òun máa wá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, bẹ́nskìn kan, ọ̀kadà àwọn ará Douala, dúró níwájú ilé aránṣọ. Bàbá Bàdámọ́sí bọ́ sílẹ̀ nínú jalàbíà funfun, Mùhúdíìnì tẹ̀ lé e. Bàbá wọlé, ó tẹrí ba fún Madame Rita, obìnrin tí òun tó bí lọ́mọ, ó ní, "Madame, ẹ ṣé lánàá. Ẹ ṣé, ẹ kú inúure. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Kẹ́misọ́lá tú u sí Faransé.

"Ah, Papa, ó ti tán náà," ni Madame dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ń wo aago. "Lánàá nìyẹn."

Mùhúdíìnì yọ fóònù. "Àǹtí Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i. Bọ̀ọ̀dá ò jẹ́ ká sùn. Wọ́n ní orúkọ àwọn wà níbẹ̀."

Kẹ́misọ́lá gba fóònù náà, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ti lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tó ti lọ. Ó yára mú fóònù iṣẹ́, ó wọ inú àpamọ́ níbi tí stórì àtijọ́ ń sùn sí, ó nà án sí wọn. Bàbá rí ara rẹ̀, ọwọ́ lókè, orúkọ gàdàgbà. Inú rẹ̀ dùn.

Àmọ́ Mùhúdíìnì kì í ṣe ọ̀dẹ̀. "Kí ló dé tí kò sí lórí tèmi?"

"Ó ti kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún."

"Ta ló wá lè rí èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí?"

"Àwa tá a wà nínú ilé yìí nìkan."

Mùhúdíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wá péèjì fúnra rẹ̀. Ó rí i. Ó wò ó pẹ́, ó sì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá sún fóònù sẹ́yìn, ó sún un síwájú, bí àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ ṣe máa ń ṣe. Ó rí kábà. Ó rí Madame. Ó wá rí ọwọ́ kan létí fọ́tò, pẹ̀lú irin kékeré níka àárín.

"Ọwọ́ mi rèé," ló wí. "Èmi ńkọ́?"

Àwọn tó ń rán aṣọ nínú lọ́hùn-ún pàápàá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Mùhúdíìnì wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ojú ti Kẹ́misọ́lá débi pé etí rẹ̀ gbóná. Àgbàlagbà wá dúpẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tó wá dúpẹ́ fún kò sì dé ọjọ́ kejì! Ohun tí ìyá rẹ̀ ti ń ti òun síta fún láti kékeré, òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí. Inú wá bí i. Ó bí i gan-an ni, kì í ṣe díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí stórì, tó bá ti jáde, ó ti jáde nìyẹn. Ti péèjì ò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè padà tún un kọ. Ó ṣí i níbi tó dúró sí, ó pa "Ọwọ́ kan. Rita" rẹ́, ó kọ orúkọ Bàdámọ́sí sí ìlà àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Madame Rita ti dìde.

"Mò ń kọ orúkọ ẹni tó ni ọwọ́ náà."

"Pa á rẹ́."

"Mi ò pa á rẹ́."

"Kémi, tèmi ni péèjì yẹn!"

"Tiyín ni, Madame. Ọwọ́ yẹn ni kì í ṣe tiyín." Ó gbé fóònù iṣẹ́ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. "Èmi ni mo fi irọ́ síta ní aago méjìlá, mo sì ti tún un ṣe. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà di irọ́, ìka yín ló máa ṣe é."

Madame Rita gbé fóònù náà. Ó ṣe é lóòótọ́. Ó pa orúkọ náà rẹ́ lójú wọn báyìí, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì gbé ojú sókè bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n bẹ òun.

Bàbá Bàdámọ́sí ò bẹ̀ ẹ́. Ó kọjá lọ sí kọ̀rọ̀ tó máa ń jókòó sí. Kábà kejì wà níbẹ̀, ti ìyàwó kan tó máa ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá, ọrùn rẹ̀ ò tíì kọjá ìdajì. Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó kó àlùmọ́gàjí, ó mú irin ìka rẹ̀, ó sọ wọ́n sápò.

"Papa, kí lẹ ń ṣe? Ta ló máa parí ìyẹn?"

Faransé Bàbá kò pọ̀, àmọ́ èyí tó ní tó o. "Madame, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú fọ́tò yẹn," ló wí, "ẹ pè é kó wá parí rẹ̀."

Wọ́n jáde, Kẹ́misọ́lá sì tẹ̀ lé wọn. Madame ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn kó má padà wá mọ́. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gun bẹ́nskìn lọ sí ibi tí Bàbá ń gbé. Oòrùn ṣì wà lókè. Nínú ilé ọtí kan ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí ọkọ̀ ń kù rìrì lọ sórí afárá, Kẹ́misọ́lá jókòó, ó ra omi, ó pe Stéphane. Stéphane ló ya fọ́tò, tirẹ̀ ni. Madame Rita kàn gbà á lò ni. Kẹ́misọ́lá ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kémi, oníbàárà mi ni Rita o," ni Stéphane wí. "Odindi rẹ̀ lo fẹ́?"

"Odindi. Má gé ìka kan. Mo sì fẹ́ ká jọ fi síta, kó wà lórí péèjì tèmi àti tìẹ pọ̀." Àwọn tó ń tẹ̀ lé Stéphane lórí Insta lé ní ogójì ẹgbẹ̀rún.

"Á dé ojú Rita o."

"Kó dé ibẹ̀!"

Stéphane bú sẹ́rìn-ín. "Vas-y, máa bá a lọ."

Kẹ́misọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kò pariwo, kò sọ pé "ẹ wá wo ìwọ̀sí." Ìyẹn, ọ̀rọ̀ stórì ni, á gbóná, á sì lọ. Ó kọ ọ́ bí ohun tí ọmọ ọmọ ẹnì kan máa kà. Ó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ láti bi í bí wọ́n ṣe ń kọ Ìsẹ́yìn, ó fi Faransé parí rẹ̀. Ohun tó wí nìyí:

"Bàdámọ́sí, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ni ọwọ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ọrùn àti apá kábà yìí, láìlo ẹ̀rọ. Wọ́n fi hàn ní Kotto, nílùú Douala, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ilé aránṣọ Rita ló gé e, tó sì rán an. Stéphane ló ya fọ́tò. Bàdámọ́sí ti wà ní Douala láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ṣì wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ orúkọ Rita. Ohun tí wọ́n ṣe fún Bàbá, òun ò ní ṣe é fún ẹlòmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́, Stéphane gbà á, fọ́tò náà sì jókòó sórí péèjì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló fi í ránṣẹ́ sí Mùhúdíìnì.

Lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀ Sátidé, Ìwàlọlá ló ṣílẹ̀kùn. "Kẹ́mi! O ní àlejò."

Bàbá Bàdámọ́sí ni, àti Mùhúdíìnì, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nà án síwájú.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "o ṣé lánàá."

Ìwàlọlá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó yọ eyín.

"Àǹtí Kẹ́mi," Mùhúdíìnì bọ́ sọ́rọ̀, "mo wò ó kí n tó sùn, ó wà níbẹ̀. Mo wò ó lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé ní Ìsẹ́yìn ti rí i. Aago mélòó ló máa parẹ́?"

"Kì í parẹ́."

"Kì í parẹ́ kẹ̀?"

"Àfi tí èmi bá pa á rẹ́."

Fóònù Kẹ́misọ́lá dún níbẹ̀yẹn. Madame Rita ni. Ó kọ ọ́ gùn: pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́, pé kó bá òun bẹ Papa nítorí kábà ìyàwó yẹn, pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ òun ti gbàgbé rẹ̀, àmọ́ kó kọ́kọ́ yọ fọ́tò yẹn kúrò. Kẹ́misọ́lá kà á sókè ní Yorùbá fún àwọn tó wà níbẹ̀. Bàbá Bàdámọ́sí ń wò ó.

Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ kúkúrú. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Non," ó fi í ránṣẹ́.

Mùhúdíìnì tún wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó ṣì wà níbẹ̀," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ilé mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìwàlọlá ti ń gbé àga jáde fún wọn, ó ń bi Bàbá bóyá ó máa mu tíì, àti bóyá ẹni tó ní ọwọ́ báyẹn lè wo ọrùn bùbá òun tó ti ń tú.